Àkọsílẹ̀ iṣẹ́: ọ̀rọ̀ ìpolówó fún àwọn tó wo àdògán tí wọn kò rà á

Àjàṣẹ́, oṣù kejì sí oṣù karùn-ún ọdún 2025

Àdògán eléèédú ni ìyá tí mo ṣe iṣẹ́ yìí fún ń tà, nítòsí ọjà Wàǹdó ní Àjàṣẹ́ níbí, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Irin ni ara àdògán náà, amọ̀ sísun ni wọ́n fi tẹ́ inú rẹ̀, 18,500 sẹ́fà ni wọ́n ń tà á, èrè tó sì ń kù sí ọwọ́ ìyá lórí ẹyọ kan, lẹ́yìn tó bá ti san owó alágbẹ̀dẹ àti owó amọ̀mọ̀kòkò, jẹ́ 4,000. Ojú ewé kan ṣoṣo ni ó ní lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwòrán àdògán wà níbẹ̀, iye rẹ̀ wà níbẹ̀, fọ́ọ̀mù kékeré kan wà tí ènìyàn lè kọ orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti ìlú rẹ̀ sí, bọ́tìnì Wọ́ọ̀tsáàpù sì wà lábẹ́ rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀. Ìpolówó orí Fesibúùkù ni ó ń gbé àwọn ènìyàn wá síbẹ̀ láti Àjàṣẹ́, Sákétè, Pọ́bẹ̀, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́.

Láàárín 30 ọjọ́ nínú oṣù kìíní, ènìyàn 3,200 ló ṣí ojú ewé náà, àwọn 41 ló rà. Èmi ni ìyá ní kí n wá ọ̀nà tí a ó fi pe àwọn tó wò ó tí wọn kò rà á padà, èmi náà ni mo sì kọ́kọ́ ṣe é lọ́nà tí kò dára. Mo kọ àkọsílẹ̀ yìí kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọjà tirẹ̀ lè rí ibi tí a ti ṣìnà àti bí a ṣe mọ̀ pé a ti ṣìnà.

Ọ̀rọ̀ ìpolówó àkọ́kọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ kọ nìyí, mo sì fi hàn fún gbogbo ẹni tó bá ti ṣí ojú ewé náà láàárín 30 ọjọ́:

«Ẹ̀yin tí ẹ wo àdògán wa lánàá, kí ló dé tí ẹ kò rà á? Ẹ yára, ó kù díẹ̀ kí ó tán! A yọ 2,000 kúrò fún yín, lónìí nìkan.»

6,000 sẹ́fà lójúmọ́ ni a ń ná lé e lórí. Lẹ́yìn ọjọ́ méje, mo wo `Répétition` nínú ibi tí a ti ń ṣètò ìpolówó, ìyẹn iye ìgbà tí ènìyàn kan ti rí ìpolówó kan náà, mo bá 12 níbẹ̀. Ènìyàn kan náà ti gbọ́ «lónìí nìkan» ní ẹ̀ẹ̀méjìlá láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí ó bá gbọ́ ọ ní ọjọ́ Ajé, tó tún gbọ́ ọ ní Ọjọ́bọ̀, ó ti mọ̀ pé irọ́ ni, ẹni tó bá sì ti ká wa mọ́ irọ́ lórí ọjọ́, báwo ni yóò ṣe gba ohun tí a bá sọ nípa irin àti amọ̀ gbọ́?

Ẹ̀dínwó yẹn tún dá ìṣòro mìíràn sílẹ̀, ìyá fúnra rẹ̀ ló sì rí i. Obìnrin kan tó ti ra ẹyọ kan tẹ́lẹ̀ rán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá, ó sì kọ́ ọ ní ọgbọ́n pé kí ó ṣí ojú ewé náà, kí ó fi í sílẹ̀, kí ó dúró di ọjọ́ kejì, nítorí pé wọn yóò fi 2,000 bẹ̀ ẹ́. Àwa fúnra wa ni a ń sanwó láti kọ́ oníbàárà pé kí ó má ra ọjà ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí i.

Ohun kẹta ni gbólóhùn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọkùnrin kan láti Pọ́bẹ̀ kọ̀wé pé òun kò wo àdògán kankan, ta ni ó ń ṣọ́ òun? Nígbà tí ìyá pè é, wọ́n rí i pé ìyàwó rẹ̀ ló lo fóònù rẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ ilé ṣe rí nìyẹn lọ́dọ̀ wa, fóònù kan lè wà fún ènìyàn mẹ́ta. Ohun tí píksẹ́lì, ìyẹn kóòdù kékeré tó ń sọ fún Fesibúùkù pé wọ́n ṣí ojú ewé wa, mọ̀ ni pé fóònù kan ṣí ojú ewé kan, kò mọ ẹni tó dì í mú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé ọ̀rọ̀ ìpolówó wa kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé a rí ohun tó ṣe. Ẹni tó wò ó yóò mọ̀ pé òun ni a ń bá sọ̀rọ̀, ẹni tí kò wò ó yóò sì rí i bí ìpolówó lásán, kò ní dẹ́rù bà á.

Èmi àti ìyá jókòó ṣírò owó náà. 6,000 lọ́nà méje jẹ́ 42,000 lọ́sẹ̀. Bí a kò bá tilẹ̀ ka 2,000 tí a yọ kúrò, tí èrè orí ẹyọ kan sì jẹ́ 4,000, a gbọ́dọ̀ ta àdògán mọ́kànlá tí a kò bá ti ní tà tẹ́lẹ̀ kí a tó lè sọ pé ìpolówó yìí san owó ara rẹ̀. Mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá sì ni gbogbo èyí tí à ń tà lọ́sẹ̀. Mo dá a dúró ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Ta ni ó wò ó ní tòótọ́?

Kí a tó tún ọ̀rọ̀ kọ, mo fẹ́ mọ àwọn tí a ń bá sọ̀rọ̀. Lórí ojú ewé náà, àmì kan tó ń jẹ́ `ViewContent` máa ń lọ sí ọ̀dọ̀ Mẹ́tà, ilé iṣẹ́ tó ni Fesibúùkù, ní kété tí ojú ewé bá ti ṣí. Ẹni tí ìka rẹ̀ ṣèèṣì kan ìpolówó, tó sì padà sẹ́yìn lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, wà nínú àwùjọ kan náà pẹ̀lú ẹni tó ka gbogbo rẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Àbúrò mi tó mọ̀ nípa kóòdù ló bá mi fi èyí sí i, kí àmì mìíràn lè lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 15:

```js
setTimeout(function () {
  fbq('trackCustom', 'WoDaadaa', {
    content_ids: ['ADG-02'],
    value: 18500,
    currency: 'XOF'
  });
}, 15000);
```

A kò yọ `ViewContent` kúrò, ṣùgbọ́n àwùjọ tí à ń fi ìpolówó ìpènipadà hàn wá jẹ́ ti `WoDaadaa`. Nínú nǹkan bí 3,200 tó ń ṣí ojú ewé náà lóṣù, 1,260 péré ló dúró tó ìṣẹ́jú àáyá 15. Àwọn yòókù kò wo ọjà wa, wọ́n kàn gba ibẹ̀ kọjá ni. A tún fi `InitiateCheckout` sí ibi tí ènìyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ orúkọ rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, nítorí pé ẹni tó kọ orúkọ, tó wá fi í sílẹ̀ láìparí, kò sí ní ipò kan náà pẹ̀lú ẹni tó kàn wo àwòrán.

Nítorí òfin, a fi ìbéèrè kan sí òkè ojú ewé náà pé ṣé ènìyàn gbà kí a ṣe àmì sí ìbẹ̀wò rẹ̀, píksẹ́lì kò sì ní ṣiṣẹ́ àfi bí ó bá gbà. Òfin 2017-20, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹrin ọdún 2018, ló dá lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, APDP ni ilé iṣẹ́ tó sì ń mójú tó ìsọfúnni àwọn ènìyàn.

Kíkà ọ̀rọ̀ orí Wọ́ọ̀tsáàpù

Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà, ọjọ́ méjì ni ó sì gbà mí. Ìyá gbé fóònù ìtajà rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, mo sì ka gbogbo ìfọ̀rọ̀wérọ̀ oṣù méjì tó parí láìsí ọjà rírà. Wọ́n jẹ́ 88. Mo pín ìwé kan sí òpó mẹ́rin, mo sì ń fa igi kan fún ìbéèrè tí oníbàárà béèrè kẹ́yìn kí ó tó dákẹ́. Ìbéèrè ìkẹyìn ni mo ń wò, kì í ṣe ti àkọ́kọ́, nítorí pé ibi tí ọ̀rọ̀ ti gé ni ohun tó dí ènìyàn lọ́nà sábà máa ń wà.

34 nínú wọn béèrè iye tí yóò jẹ́ láti gbé e dé ìlú wọn. 26 béèrè bóyá ìkòkò wọn yóò jókòó lé e dáadáa. 15 fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n gbọ́dọ̀ sanwó kí wọ́n tó fi ojú rí i. 13 ló kù, àwọn kan nínú wọn kò ju «Ẹ káàárọ̀ mà» lọ kí wọ́n tó dákẹ́, márùn-ún péré ló sì ní ọjà náà wọ́n. Mo ka márùn-ún yẹn lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó dá mi lójú. A ti ń yọ 2,000 fún gbogbo ènìyàn nítorí ohun tí ẹni márùn-ún nínú 88 sọ, nígbà tó jẹ́ pé 34 kàn ń dúró de iye owó ọkọ̀ tí a kò kọ síbikíbi lórí ojú ewé wa.

A kọ owó ọkọ̀ sí ojú ewé náà lọ́jọ́ náà gan-an: 500 ní Àjàṣẹ́, 1,000 dé Pọ́bẹ̀, 1,500 dé Kétu, 2,000 dé Ṣábẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ni a wá kọ ọ̀rọ̀ ìpolówó mẹ́ta, ọ̀kan fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tuntun

Ìyá fúnra rẹ̀ ló sọ wọ́n. Mo ti kọ́kọ́ rò pé kí a wá ẹni tí ohùn rẹ̀ ń dún bíi ti rédíò, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kí ìyá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré láti fi dán an wò, mo rí i pé bó ṣe ń na ọwọ́ sí àdògán bí ó ti ń sọ̀rọ̀ kò ṣeé kọ́ ẹlòmíràn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju ìṣẹ́jú àáyá 20 lọ.

Èkíní, lórí owó ọkọ̀. Àdògán kan ni a dè mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù zẹmijáàn kan, ìyá dúró tì í:

«Kétu ni èyí ń lọ. Owó ọkọ̀ rẹ̀, 1,500. Bí ó bá jẹ́ Ṣábẹ̀ẹ́ ni, 2,000. Pọ́bẹ̀, 1,000. Àjàṣẹ́ níbí, 500. Àdògán fúnra rẹ̀, 18,500. Kò sí owó mìíràn lẹ́yìn èyí. Ẹ kọ orúkọ ìlú yín ránṣẹ́ sí wa, a ó sọ ọjọ́ tí yóò dé ọ̀dọ̀ yín.»

Ẹ kíyè sí i pé kò sọ ohun kan nípa dídára àdògán. Ẹni tó ti dúró lórí ojú ewé náà ti rí àwòrán, ó ti ka nípa amọ̀ àti irin. Bí a bá tún ń yin ọjà fún un, ńṣe ni a ń dá a padà sí ibi tó ti kúrò. Orúkọ ìlú tí a ní kí ó kọ wá náà ní ìdí. Ìbéèrè tó rọrùn láti dáhùn ni, kò sì tíì jẹ́ ìlérí pé yóò rà á.

Èkejì, lórí ìkòkò. Ìkòkò ńlá kan wà lórí àdògán, omi ọkà ń hó nínú rẹ̀, ìyá sì ń ro ọkà pẹ̀lú agbára:

«Ẹ wo bí mo ṣe ń rò ó, ìkòkò kò mì. Ẹ fi okùn wọn ìdí ìkòkò yín láti etí kan dé èkejì. Bí ó bá wà láàárín 22 sí 36 sẹ̀ǹtímítà, yóò jókòó báyìí. Bí ó bá kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má ra èyí, yóò máa yẹ̀ lórí rẹ̀.»

Gbólóhùn ìkẹyìn yìí fa àríyànjiyàn láàárín wa. Ọmọ ìyá kan tó ń bá a tajà ní kí a yọ ọ́, pé a kì í fi ẹnu ara ẹni lé oníbàárà. Ìyá kọ̀. Ó ní, «Ọmọ mi, èyí tí wọ́n bá dá padà, èmi náà ni yóò padà wá bá.» Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀, mo sì fi kún un pé ẹni tí ìkòkò rẹ̀ bá wà láàárín ìwọ̀n yẹn yóò gbà á gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó ti gbọ́ tí a sọ fún ẹlòmíràn pé kí ó má rà á.

Ẹ̀kẹta ni ti ẹni tó ń bẹ̀rù láti sanwó ṣáájú, a sì fi í sílẹ̀ fún àwọn tó bẹ̀rẹ̀ fọ́ọ̀mù tí wọn kò parí rẹ̀ nìkan, nítorí pé a rò pé ìbẹ̀rù owó ló dá wọn dúró ní ibẹ̀:

«Ẹ má san owó àdògán ṣáájú. Bí ó bá dé, ẹ tú u, ẹ wò ó, ẹ gbé ìkòkò lé e. Bí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ san owó sí ọwọ́ ẹni tó gbé e wá. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, yóò gbé e padà.»

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí èyí jáde, ẹnì kan ní Ṣábẹ̀ẹ́ béèrè fún un, ó wò ó, ó dá a padà. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 4,000, èrè ẹyọ kan gẹ́lẹ́. Kò sí ohun tí oníbàárà náà ṣe tí kò tọ́, ohun tí a sọ fún un ló ṣe. Àwa ni a kò sọ ẹni tí yóò san owó ọkọ̀. A tún gbà á sílẹ̀, a sì fi èyí kún un lẹ́yìn gbólóhùn àkọ́kọ́: «Ní Àjàṣẹ́, ẹ kò ní san ohunkóhun títí yóò fi dé. Ní ìlú mìíràn, owó ọkọ̀ nìkan ni ẹ ó fi Mómò ránṣẹ́ ṣáájú.» Ó sọ ọ̀rọ̀ náà di gígùn díẹ̀, àwọn tó tẹ̀ ẹ́ sì dín kù, ṣùgbọ́n kò tún sí ẹni tó dá a padà láti ọ̀nà jíjìn.

Ọ̀rọ̀ àmì lórí àkọlé

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń wo fídíò láìsí ohùn, pàápàá nínú ọkọ̀ tàbí níbi iṣẹ́, nítorí náà a kọ ohun tí ìyá ń sọ sí ìsàlẹ̀ àwòrán. Ẹni tó bá wa ṣe fídíò kọ ọ́ láìfi àmì sí i: «E san owo si owo eni to gbe e wa.» Ènìyàn mẹ́ta ni mo fi hàn ní Wàǹdó, méjì nínú wọn ló dúró lórí «owo si owo», tí wọ́n sì béèrè bóyá owó méjì ni a ní kí àwọn san. Nínú ọ̀rọ̀ tó dá lórí ìbẹ̀rù owó! Nígbà tí a fi àmì sí i, ìrísí lẹ́tà tí ẹ̀rọ náà ń lò kò lè gbé àmì ohùn àti ẹsẹ̀ lẹ́tà papọ̀, ńṣe ni ó ń fi àpótí òfìfo sí ibi tí «ọ́» yẹ kí ó wà. Noto Sans ni a wá lò, a sì lẹ àkọlé náà mọ́ àwòrán pátápátá dípò kí a fi sílẹ̀ fún fóònù kọ̀ọ̀kan láti tò ó bó ṣe wù ú. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní àmì kò ṣe pàtàkì lórí ìpolówó. Àwọn méjì tó dúró lórí «owo si owo» ti dáhùn fún mi.

Àwọn tó ti rà á tí ìpolówó ṣì ń lé kiri

Ìyá kan ní Kétu tó ti ń fi àdògán wa se oúnjẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì kọ̀wé pé, «Mo ti rà á, ẹ jẹ́ kí n sinmi.» Ó dùn mí nígbà tí mo kà á, nítorí pé oníbàárà tó ti sanwó ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fi sílẹ̀ ní àlàáfíà.

Ìdí rẹ̀ rọrùn láti rí. A ti yọ gbogbo ẹni tó ní àmì `Purchase`, ìyẹn àmì pé ó ti rà á, kúrò nínú àwùjọ, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù orí ojú ewé nìkan ló ń fi àmì yẹn ránṣẹ́. Ẹni tó bá tẹ bọ́tìnì Wọ́ọ̀tsáàpù, tó bá ìyá dúnàá dúrà níbẹ̀, tó sì sanwó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kò ní àmì kankan. Nínú ọjà wa, àwọn bẹ́ẹ̀ ju ìdajì lọ. Lójú ẹ̀rọ, wọ́n ṣì jẹ́ ẹni tó wò ó tí kò rà á.

Àtúnṣe tí a ṣe ni pé ní alaalẹ́ ọjọ́ Sátidé, ìyá máa ń fún mi ní nọ́ńbà fóònù àwọn tó rà á tí wọ́n sì gbà kí a lò ó báyìí, a béèrè lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, èmi yóò sì gbé e sínú àwùjọ àwọn tí a yọ sílẹ̀. Ẹ̀rọ aṣàwárí máa ń yí nọ́ńbà náà padà sí àmì SHA-256, ìyẹn ọ̀wọ́ lẹ́tà àti díjítì tí kò jọ nọ́ńbà náà rárá, kí ó tó kúrò lórí kọ̀ǹpútà mi, nítorí náà nọ́ńbà gan-an kì í lọ.

Ìgbà àkọ́kọ́, nínú nọ́ńbà 52, díẹ̀ péré ló bá ti ẹnikẹ́ni lórí Fesibúùkù mu. Ó gbà mí ní ọjọ́ kan kí n tó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024: nọ́ńbà fóònù ní Bẹ̀nẹ̀ kúrò ní díjítì mẹ́jọ, ó di mẹ́wàá, pẹ̀lú 01 níwájú. Ìyá ń kọ nọ́ńbà tuntun, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ oníbàárà ti ṣí Fesibúùkù wọn láti ọdún pípẹ́ pẹ̀lú ti àtijọ́. Nígbà tí a bá sì ti yí nọ́ńbà padà sí àmì, díjítì kan ṣoṣo tó yàtọ̀ ti sọ ọ́ di ohun mìíràn pátápátá. Mo wá ń kọ ìlà méjì fún oníbàárà kan, pẹ̀lú 229 níwájú méjèèjì:

```
phone
22997xxxxxx
2290197xxxxxx
```

Àwọn tó bára mu pọ̀ sí i gan-an lẹ́yìn èyí. Kò lè pé láé, nítorí ẹni tó bá fi nọ́ńbà kan ra ọjà tó sì fi òmíràn ṣí Fesibúùkù yóò ṣì máa rí wa. Fún irú wọn, a gé iye ọjọ́ àwùjọ náà kúrò ní 30 sí 14, kí ìpolówó lè fi wọ́n sílẹ̀ kíákíá. Ìyá Kétu náà sọ pé òun kò rí i mọ́.

Ṣé ó mú nǹkan wá?

A pín owó sí ọ̀nà méjì, 700 lójúmọ́ fún àwọn tó wò ó dáadáa, 700 fún àwọn tó bẹ̀rẹ̀ fọ́ọ̀mù. Ìyẹn jẹ́ 9,800 lọ́sẹ̀, `Répétition` sì wà láàárín 4 sí 5. Láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, a kò gbé ara lé ohun tí ibi ìṣètò ìpolówó sọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni a fi dán an wò láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin: a tàn án ní ọ̀sẹ̀ kan, a pa á ní èkejì, a kò sì fọwọ́ kan ìpolówó tó ń mú àwọn ènìyàn tuntun wá.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a tàn án, a ta 14, 11 àti 15, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 40. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a pa á, a ta 9, 10 àti 8, ìyẹn 27. Ìyàtọ̀ 13 jẹ́ èrè 52,000. A ná 29,400. 22,600 ló kù. Ẹ tún wo ti ọ̀sẹ̀ tí a pa á: mẹ́sàn-án lọ́sẹ̀, bákan náà pẹ̀lú ìgbà tí à ń ná 42,000 lórí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Owó yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má mú ohunkóhun wá rárá.

Ní ti ohun tí ẹ̀rọ sọ, 19 nínú 40 yẹn gba orí fọ́ọ̀mù, ibi ìṣètò ìpolówó sì ní òun ló mú 16 wá nínú wọn. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí a pa á, 13 ló gba orí fọ́ọ̀mù láìsí ìpolówó ìpènipadà kankan. Mẹ́fà ló lé, kì í ṣe 16. Àwọn tí à ń pè padà ti sún mọ́ ọjà tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò rà á bí a bá dákẹ́, ẹ̀rọ sì ń ka ẹnikẹ́ni tó bá ti fojú kan ìpolówó lọ́jọ́ kan kí ó tó rà á mọ́ tirẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò pọ̀, ẹni tó rí ìpolówó ní ọjọ́ Sátidé sì lè rà á ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tí a ti pa á, èyí tí ó lè mú kí ìyàtọ̀ náà kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ó bá tún di oṣù kẹjọ, a ó pa á fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko.

Nínú àwọn tó fèsì sí ọ̀rọ̀ ìkòkò, mọ́kànlá ló wọn ìdí ìkòkò wọn tí wọ́n bá a ní 18 tàbí 20 sẹ̀ǹtímítà. Ìyá ti ní kí alágbẹ̀dẹ rọ kékeré mẹ́wàá, a ti kọ orúkọ àwọn mọ́kànlá náà sílẹ̀, àwọn ni a ó kọ́kọ́ pè.